Àlá Aáyán Nínú Ilé: Ohun Tí Ó Lè Tọ́ka Sí, Àti Ọ̀nà Láti Yí I Padà

Bí ẹnìkan bá ń lá àlá lemọ́lemọ́ pé aáyán ń ya jáde lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń rò ni pé àwọn ọ̀tá ló ń bá a jà. Àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ kì í fún irú àlá bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni bí ó ṣe rí lára ẹni náà nígbà tó jí.

Aáyán kò ní oró bí ejò. Ìrira ni ó ń mú wá ju ẹ̀rù lọ, nítorí pé ó ń ti inú ìdọ̀tí bọ́ sórí oúnjẹ, ó sì ń wọlé láìgbàṣẹ. Nítorí náà, ó lè di àwòrán àníyàn lójú oorun ẹni tó rò pé a ti kó ẹ̀gbin bá òun, tàbí pé ẹlòmíràn ti wọ ibi tí kò yẹ.

Bí àpẹẹrẹ, obìnrin kan tí olè fọ́ ilé rẹ̀ lè máa lá àlá yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Yóò jí ní ìdájí, yóò gbọn aṣọ ibùsùn, yóò fọ ọwọ́, yóò sì tún ilẹ̀kùn wò. Kí ó kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ilé ìdáná lóru, kí ó lè mọ̀ bóyá aáyán wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Bí kò bá sí, àlá fúnra rẹ̀ ni yóò tọ́jú.

Lójú ọ̀sán, kí ó kọ àlá náà sílẹ̀, kí ó sì yí i padà bó ṣe wù ú. Ó lè kọ ọ́ pé òun tan iná, òun gbá àwọn aáyán náà síta, òun sì ti ilẹ̀kùn. Kí ó máa fi ojú inú wo àlá tuntun yìí fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa ronú lé àlá ti àtijọ́ lórí, tàbí kí ó fi èyí tó burú jù lọ bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí kan tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001, lórí àwọn obìnrin 168 tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀, fi hàn pé àlákálàá àwọn tó lo ọ̀nà yìí dínkù, oorun wọn sì dára sí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rí kòkòrò lójú ayé nígbà tí kò sùn, pàápàá tí ó bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí àmujù, kì í ṣe àlá ló ń lá. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, nítorí ó lè gba ẹ̀mí.