Kí Ló Ń Mú Máòsì Aláìlówáyà Dákú-Dájí?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sórí pátákó wa lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo wa tí a máa ń wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Máòsì aláìlówáyà tí olùkọ́ wa fi ń kọ́ wa máa ń dákú-dájí. Á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ọfà ojú kọ̀ǹpútà á wá dúró gbagidi, á tún sún díẹ̀, á tún dúró. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni a ní fún iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, eléyìí sì ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé kí a dá owó jọ ra òmíràn. Kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fa irú àìsàn yìí, oògùn wọn kò sì jọra.

Bí máòsì ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀

Máòsì tí kò ní wáyà ní rédíò kékeré kan nínú. Risífà, ìyẹn nǹkan kékeré bí èékánná tí a máa ń kì bọ ihò yúẹsìbí kọ̀ǹpútà, ní rédíò tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbì 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tísì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń lò. Bí ẹ bá ti ń ti máòsì lórí tábìlì, yóò máa ránṣẹ́ sí risífà ní nǹkan bí ìgbà 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: "Mo lọ sápá ọ̀tún díẹ̀," "Wọ́n tẹ̀ mí lórí." Risífà náà á máa fèsì pé òun ti gbọ́. Bí máòsì kò bá gbọ́ èsì, ó máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí ẹ̀.

Ká sọ pé ẹ wà ní ọjà Àpòmù lọ́jọ́ ọjà, tí ẹ ń pe ẹnì kan tó dúró síwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ọ̀nà méjì ni onítọ̀hún lè gbà má gbọ́ yín. Ó lè jẹ́ pé ebi ń pa yín, ohùn yín kò jáde. Ó sì lè jẹ́ pé ohùn yín le koko, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ ti di í létí. Báyìí náà ni ọ̀rọ̀ máòsì rí. Bátìrì ni oúnjẹ ẹni tó ń pe, risífà sì ni etí ẹni tó yẹ kó gbọ́.

Nígbà tí ebi bá ń pa máòsì

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé, bí bátìrì bá ti kú, ṣé kò yẹ kí máòsì kú pátápátá ni? Kí ló dé tó fi ń kú, tó tún ń jí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì tí a ti kọ́, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ìdènà tó wà nínú bátìrì fúnra rẹ̀:

V = E − Ir

E ni agbára bátìrì nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, I ni iná tó ń ṣàn, r ni ìdènà inú bátìrì, V sì ni ohun tó kù tí máòsì rí lò. Bí bátìrì bá ṣe ń gbó, E máa ń dínkù, ṣùgbọ́n r ló máa ń pọ̀ sí i, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò. Ká ní máòsì kan ń lo bátìrì kan ṣoṣo, pé ó ń fa 0.03 ámpíà nígbà tó bá ń ránṣẹ́, àti pé kò lè ṣiṣẹ́ bí V bá wálẹ̀ ju 1.1 fólítì lọ. Bátìrì tuntun ní E 1.5 fólítì àti r 0.3 ómù. V rẹ̀ yóò jẹ́ 1.5 − (0.03 × 0.3), tí í ṣe 1.491 fólítì. Kò séwu. Ẹ wá wo bátìrì tó ti gbó: E rẹ̀ jẹ́ 1.3 fólítì, r rẹ̀ ti di 10 ómù. V rẹ̀ yóò jẹ́ 1.3 − (0.03 × 10), tí í ṣe 1.0 fólítì. Máòsì á dákú lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe dákú yẹn, kò fa iná mọ́, V á tún gòkè padà sí 1.3, máòsì á jí. Ẹ bá tún gbé e, á tún dákú. Ṣé ẹ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí?

Èyí náà ló fà á tí mítà fi lè tan èèyàn jẹ. Bí ẹ bá yọ bátìrì gbígbó yẹn síta tí ẹ wọ̀n ọ́n, 1.3 ni ẹ máa rí, ẹ ó sì sọ pé ó ṣì dára. Ìgbà tí ẹrù bá wà lórí ẹ̀ ni ẹ tó lè mọ̀. Ẹ tún wo irin tí bátìrì ń kàn nínú máòsì. Bí ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bò ó, ìdènà tuntun nìyẹn lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

Tí ẹ bá ń ra bátìrì, yálà ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Nínú irú tó tóbi, LR6 ni alikaláìnì, R6 sì ni olówó pọ́ọ́kú ti ìgbà àtijọ́. Nínú irú tó kéré, LR03 àti R03 ni. Ìdènà inú R6 ga ju ti LR6 lọ, kì í sì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ariwo bá di etí risífà

Kì í ṣe máòsì nìkan ló ń gbé lórí 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tísì. Wáífáì wà níbẹ̀, bulutúùtù wà níbẹ̀, họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù yín náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí fóònù tó ń pín dátà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ risífà, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń pariwo sí i létí.

Ṣùgbọ́n ariwo kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Ó ń ti inú kọ̀ǹpútà gan-an wá. Ihò yúẹsìbí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù, ìyẹn yúẹsìbí 3.0, máa ń kó dátà lọ lọ́nà 5,000,000,000 bíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó ń yára tó báyẹn máa ń ta ìgbì dà sí àyíká rẹ̀, ìgbì náà sì máa ń bo 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tísì mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ Ińtẹ̀lì tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì lo máòsì aláìlówáyà bí àpẹẹrẹ. Ìmọ̀ràn wọn kò le: kí risífà jìnnà sí ihò náà àti sí ohun tí a kì bọ̀ ọ́.

Ẹ fi ti irin kún un. Bí ihò tí risífà wà bá wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà sì wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì onírin, ohùn máòsì gbọ́dọ̀ yí gbogbo irin wọ̀nyẹn po kó tó débẹ̀. Ara èèyàn tó jókòó láàárín náà ń gbà nínú rẹ̀, nítorí omi pọ̀ lára wa.

Bí a ṣe yẹ ti wa wò

Èmi àti àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa yẹ máòsì náà wò lójú olùkọ́ wa. A kọ́kọ́ fi bátìrì LR6 tuntun sí i. Kò yí padà, ó ṣì ń dákú. Lẹ́yìn náà a gbé máòsì lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ìka mélòó kan sí risífà. Kò dákú rárá. A gbé e padà sórí tábìlì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí bátìrì ló bá ní ìṣòro, máòsì yóò máa dákú bó tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ risífà, nítorí ebi kò mọ ìtòsí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn nìkan ló ti ń dákú, ariwo tàbí ìdènà ojú ọ̀nà ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí.

A wá wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ risífà. Ihò búlúù ni, háàdì dísìkì tí olùkọ́ wa fi ń kó fídíò ẹ̀kọ́ wá ló sì wà nínú rẹ̀. A yọ dísìkì náà, máòsì dá ṣáṣá. A dá a padà, tí a ń kó fáìlì, ó dákú. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. A fi wáyà ẹkitẹ́ńṣàn yúẹsìbí, gígùn rẹ̀ tó mítà kan, fa risífà jáde wá sórí tábìlì níwájú. Dísìkì wà ní àyè rẹ̀, máòsì sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Máòsì tí kò gbọ́ èsì máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ, gbogbo àtúnsọ yẹn ló sì ń jẹ bátìrì. Nítorí náà, ariwo létí risífà lè sọ bátìrì tó dára di gbígbó ṣáájú àkókò. Ẹni tó kàn ń pààrọ̀ bátìrì ṣáá, àmì àìsàn ló ń tọ́jú.

Àwọn tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ kò fọwọ́ kan máòsì fún ìgbà díẹ̀ nìkan ló máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, bóyá Windows ló ń pa iná ihò náà. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, kí ẹ kọ:

```
devmgmt.msc
```

Lábẹ́ Universal Serial Bus controllers, ẹ ṣí USB Root Hub, kí ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power".

Bí ọfà kò bá rìn ṣùgbọ́n tí títẹ̀ bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́, rédíò kò lẹ́bi. Ojú tó wà lábẹ́ máòsì ni kò ríran, bóyá nítorí irun, eruku tàbí tábìlì onígíláàsì. Ẹ nù ún, kí ẹ sì fi ìwé pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ sábẹ́.

Bí ẹ bá sì ṣe gbogbo rẹ̀ tí kò yí padà, ẹ gbé máòsì àti risífà rẹ̀ lọ sára kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá ń dákú níbẹ̀ náà, inú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló ti bàjẹ́, ó di kí a ra òmíràn nìyẹn. Ẹ má sì ra máòsì nìkan o! Ọ̀pọ̀ risífà ni kò mọ máòsì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n jọ wà nínú páálí.