Àárò Ilé Ń Sọ Mí: Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Tòróńtò, àti fún ọmọ tí wọ́n máa ní kó bá ẹni náà yẹ Yorùbá rẹ̀ wò kó tó gbé e síta. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sábà máa ń ya fọ́tò kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú wọn a lọ sí gbàgede Nathan Phillips, níwájú gbọ̀ngàn ìjọba ìlú, níbi tí wọ́n gbé àwọn lẹ́tà ńláńlá tó kọ TORONTO sí ní ọdún 2015. Fọ́tò yíyà ò ṣòro. Ọ̀rọ̀ tí a máa kọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń dani láàmú, torí nǹkan méjì ló wà lọ́kàn ẹni lẹ́ẹ̀kan náà: àárò ilé ń sọni, a sì tún ní ìrètí. Ìyá tó kù sílé sì wà lára àwọn tó máa kà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àǹtí wa kan kọ. Ìbàdàn ló ti wá, ìparí oṣù kẹwàá ló dé. Báyìí ló kọ ọ́ sórí WhatsApp, láìfi àmì kankan sí i:

Mo ti japa o! Aaro ile n pa mi ku. Sugbon mo ni ireti.

Gbólóhùn àárín ni ká kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni àwa tí a dàgbà síbí ti máa ń ṣubú jù. A máa ń fẹ́ fi ara wa ṣáájú, ká ní "Mo ń mísì ilé." Yorùbá ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àárò gan-an ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn ló ń ṣe é sí: àárò ń sọ mí. Bákan náà ni ebi ń pa mí, oorun ń kùn mí, òtútù ń mú mi. Ohun tí a ń rántí ló máa tẹ̀ lé àárò, ẹni tó ń rántí á wà lẹ́yìn sọ. Ẹ wo méjì yìí dáadáa:

Àárò màmá mi ń sọ mí.
Àárò mi ń sọ màmá mi.

Nínú èkíní, èmi ni mo ń rántí màmá. Nínú èkejì, màmá ló jókòó sílé tó ń rántí mi. Tí ọmọ bá ṣi méjèèjì gbé, ìyá lè rò pé òun ni wọ́n ń sọ pé kò rí oorun sùn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá àárò rìn ni sọ. Àǹtí wa kọ "pa mi ku", eré ló fi ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ìyá tó jí tó rí "pa" àti "kú" lábẹ́ fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Kò ní dúró parí gbólóhùn náà kó tó máa pè. Èmi ò ní kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì wá ńkọ́? Tí a bá kọ aaro láìsí àmì, ó lè jẹ́ àárò tí ń sọni, ó lè jẹ́ àárọ̀ tí a fi ń kíni nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó sì lè jẹ́ ààrò tí a ń gbé ìkòkò kà. "Aaro mama mi" lè di ààrò ìdáná màmá! Àmì abẹ́ nìkan á ya àárọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò lè ya àárò àti ààrò. Àmì ohùn ló ń ṣe ìyẹn. Tí fóònù yín bá ní bọ́tìnnì Yorùbá, ẹ ṣí i. Tí ẹ bá tẹ ọ́ tàbí ọ̀, ẹ máa rí i pé ẹ tẹ lẹ́tà náà kí ẹ tó tẹ àmì rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ò ní ọ tó ti gbé àmì ohùn lérí gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àwọn fóònù mìíràn. Ẹ̀bi yín kọ́.

Ó ku "Mo ti japa." Jápa, ọ̀rọ̀ ìgboro ni, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n já ni ẹran tó já okùn ń já. Ẹni tó jápa sá ni. Ìyá àgbà tó bá kà á lè béèrè pé, "Kí ló ń lé ọ?" Ká ní ó kọ "Mo ti kó lọ" ńkọ́? Ìyẹn tún le jù, ó dà bí ẹni tó ti palẹ̀ mọ́ pátápátá. Àjò ni mo fara mọ́. Ẹni tó wà ní àjò ní ilé tó máa padà sí, a ò sì ní láti sọ ọ́ tán kó tó yé ìyá. Àwọn àgbà sáà ní àjò kì í dùn kónílé má relé.

Ìrètí náà fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Inú retí ló ti wá, a sì máa ń retí nǹkan kan tàbí ẹnì kan: mò ń retí rẹ, mò ń retí lẹ́tà. Tí èèyàn bá kàn sọ pé "Mo ní ìrètí", tó dákẹ́, ilé á béèrè pé ìrètí kí ni? Mo bi àǹtí náà. Ó ní wọ́n ti pe òun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ibi iṣẹ́ kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, àǹtí."

Aago mẹ́wàá alẹ́ ló fẹ́ gbé e síta. Wákàtí márùn-ún ni Tòróńtò fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà nígbà yẹn, aago mẹ́ta òru sì ti lù nílé. (Láti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá títí di Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta, ó máa ń di wákàtí mẹ́fà.) Ẹ káalẹ́ ló bá ojú fèrèsé rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ìdájí ni ìyá máa kà á. Ohun tó kọ nígbẹ̀yìn rèé:

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ kẹfà mi ní àjò rèé. Àárò yín ń sọ mí, pàápàá tí mo bá ń dáná. Òtútù ń mú mi díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì ní ìrètí pé wọ́n á gbà mí. Ẹ bá mi ṣe àmín.

Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn láàárọ̀: "Àmín o. Àárò rẹ ń sọ èmi náà. Wọ súwẹ́tà."

Iṣẹ́ ilé: Ẹ fi àmì sí gbólóhùn ìyá yìí láìwo inú ìwé: "Aaro re n so emi naa." Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà kó di pé ọmọ ló ń sọ ọ́ fún ìyá, kí ẹ sì rí i pé ẹ fi ọ̀wọ̀ sí i. Ẹ mú un wá ní Sátidé.