Akọ Igi Tó Ń Ṣoje

Ẹ̀yin ọmọ mi ọkùnrin, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀dùn ọkàn pọ̀ lóríṣiríṣi: ìfẹ́ tó dàrú ń bẹ, iṣẹ́ tó bọ́ ń bẹ, ìdánwò tí ènìyàn fìdí rẹmi náà ń bẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí ọjọ́ tí bàbá ọmọkùnrin bá kú gan-an ni gbogbo ẹbí máa ń rán an létí pé akọ igi kì í ṣoje.

1. Bí orí bá ń gbóná tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí nǹkan kan, bi ọkàn rẹ léèrè.

Ọmọ àbúrò mi kan ń tún fóònù ṣe ní Ìbàdàn. Òun ni àkọ́bí. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n ti sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olórí ẹbí gbá a léjìká, ó ní, “Ìwọ ni bàbá báyìí. Bí ìwọ náà bá ń sunkún, ta ni yóò rẹ ìyá rẹ lẹ́kún?” Ọmọ náà gbọ́ràn. Òun ló sanwó kánópì àti àga fídáù ọjọ́ kẹjọ, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń dá àwọn tó ń kí i pé “ẹ kú ará fẹ́ra kù” lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo wa yìn ín pé ó ṣe ọkùnrin.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ní nǹkan ń rìn lórí òun, àyà òun ń já, oorun kì í sì í kun òun títí di aago mẹ́ta òru. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ó padà lọ, wọ́n ní taífọ́ọ̀dù ni. Nígbà tó wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sí ibà, kò sí taífọ́ọ̀dù. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ti ń mu ọtí tí kì í mu tẹ́lẹ̀, ó sì ń jágbe mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn dókítà. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Àró l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn lórí wọn, tí ohun tí wọ́n ń kà kò sì yé wọn mọ́. Ìnira ẹ̀kọ́ ló so ó mọ́. Ti ọmọ wa kì í ṣe ti ìwé, àmọ́ ojú ọ̀nà kan náà ló gbà jáde: ẹnu kò rí i sọ, ara wá ń bá a sọ ọ́.

Mi ò ní kí o má ṣe àyẹ̀wò o. Ibà ń pani, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń pani. Ṣe àyẹ̀wò ná. Bí kò bá sí àrùn, má ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀kẹta. Wo ọjọ́ àti àkókò tí ó máa ń ṣe ọ́. Orí ọmọ yìí kì í gbóná bákan náà lójoojúmọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń burú jù, ọjọ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ máa ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

2. Má gbà fún ẹni tó bá ní àṣà Yorùbá kò jẹ́ kí ọkùnrin dárò.

Ta ló tún lákin ju ọdẹ lọ? Síbẹ̀, bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a péjọ láti ṣípà rẹ̀, wọn a sì sun ìrèmọ̀jé. Àwọn tó ń dá igbó wọ̀ lóru a wá máa ki òkú láàárín ẹgbẹ́, wọn a máa ka àwọn ẹran tó pa, wọn a máa sọ bí àìsí rẹ̀ ṣe dùn wọ́n tó. Kò sí ẹni tí yóò pè wọ́n ní ojo. Ọ̀fọ̀ náà ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, àwọn tó mọ olóògbé ló sì ń gbọ́ ọ.

Lóde òní, a ṣì ń pàṣẹ pé kí ọkùnrin mú ọkàn le. Ìpéjọ bíi ti àwọn ọdẹ yẹn ni a kò bá a ṣe mọ́. Fídáù tí ọmọkùnrin ti ń sáré omi àti ìrẹsì kiri kò lè dípò rẹ̀, ìnáwó tí wọ́n ti ń fi owó lẹ̀ ẹ́ níwájú orí kò sì lè dípò rẹ̀ rárá.

3. Bí o bá mú un mọ́ra níwájú èrò, dá ọjọ́ tí wàá padà sí i.

Kì í ṣe ibi gbogbo la ti ń sunkún. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò lè dárò lórí ìrìn, àkọ́bí tó ń gba àlejò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ìmọ́ra náà ń ná ọ ní nǹkan. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn méjì ní Amẹ́ríkà, Gross àti Levenson, fi fíìmù tó ń rí ènìyàn lára han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí àwọn kan wò ó bí wọ́n ṣe fẹ́, kí àwọn yòókù má jẹ́ kí ojú wọn fi nǹkan kan hàn. Ojú àwọn wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan hàn lóòótọ́. Àmọ́ ìríra tó wà nínú wọn kò dín kù, òógùn ọwọ́ wọn sì pọ̀ ju ti àwọn tí a kò dá lẹ́kun lọ. Ìyẹn fíìmù ìṣẹ́jú díẹ̀ o. Wo ẹni tó ti ń ṣe é fún oṣù mẹ́ta.

Nítorí náà, bí o bá parí ètò ìsìnkú, mú ọjọ́ kan. Sọ fún ẹnì kan pé ọjọ́ yẹn o kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí o kò bá dá ọjọ́, iṣẹ́ yóò máa wá, wàá sì máa yọ̀ pé iṣẹ́ wà.

4. Fi ọ̀rọ̀ kékeré dán ènìyàn wò kí o tó gbé ńlá fún un.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ọ jẹun ló lè gbọ́ ọ. Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ni pé ọ̀dọ́kùnrin yóò pa á mọ́ títí yóò fi kún, yóò wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tó kọ́kọ́ bá pàdé, nídìí ìgò. Ẹni yẹn á rẹ́rìn-ín, tàbí kó sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ọmọ náà á sì búra pé òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Kọ́kọ́ sọ èyí tí kò lè pa ọ́ lára, bíi “oorun kò kùn mí lánàá”. Bí ó bá ní “ìwọ náà, ṣe bí ọkùnrin”, fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ kan. Bí ó bá fi àdúrà pa ọ̀rọ̀ náà dé kíákíá, ṣe àmín, kí o wá ẹlòmíràn kún un. Ẹni tó bá bi ọ́ pé “láti ìgbà wo?”, òun ni kí o máa bá lọ.

Kí o sọ ohun tí o fẹ́ fún un kí o tó bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wá ojútùú sí i o, ẹ kàn bá mi gbọ́ ọ.” Àgbà á fẹ́ gbani nímọ̀ràn ṣá, bí o kò bá sọ bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn kí o tó dé àárín. Mo mọ ohun tí mò ń wí, ẹ ò rí èmi náà báyìí.

Ó sì máa ń rọ ọkùnrin lọ́rùn láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣe nǹkan, tí kò sí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀. Bàbá ọmọ yẹn, bíríkìlà ni. Mo bẹ bàbá kan tí òun àti olóògbé jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ pé kó mú ọmọ náà lọ sí sáìtì lọ́jọ́ Àìkú kan. Bàbá náà kò bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó kàn ń to búlọ́ọ̀kù, ọmọ ń bá a gbé e, ó sì ń sọ bí olóògbé ṣe mọ ògiri kan ní wíwọ́ nígbà kan, tó fúnra rẹ̀ wó o kí onílé tó dé, tó sì ní kí wọ́n má sọ fún ìyàwó òun. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ló di ẹkún. Bàbá kò ní kó dákẹ́. Ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohun tó wà nídìí rẹ̀ tó jáde. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ikú, bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Oníbàárà wà níwájú rẹ̀, kò gbé e. Ó ní òun máa padà pè. Fóònù àwọn ẹlòmíràn ló sì ń tún ṣe láti àárọ̀ dalẹ́! Bàbá bíríkìlà náà kò sáré sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Ó bi í pé, “Kí lo rò pé ó fẹ́ sọ?” Ọmọ náà rò ó, ó ní bóyá ó kàn fẹ́ béèrè bóyá òun ti jẹun, torí ohun tó máa ń béèrè lálaalẹ́ nìyẹn. Oorun kò kùn ún dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló gbà, ó sì tún padà sí sáìtì níye ìgbà, kí orí náà tó rọlẹ̀.

5. Bí o kò bá tíì rí ẹni bá sọ ọ́, kọ ọ́.

Ní 1986, James Pennebaker, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ̀wé nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ 4 léraléra. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn pa pọ̀ ni kò lọ sí ilé ìwòsàn púpọ̀ láàárín oṣù 6 tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tán, ńṣe ni inú wọn ń bàjẹ́ sí i, nítorí náà má bẹ̀rù bí ó bá ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Má ṣe é nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣì tutù. Jẹ́ kí oṣù kan tàbí méjì kọjá. Kọ ọ́ ní èdè tó bá wù ọ́, kí o sì fa ìwé náà ya bí o bá fẹ́.

6. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ̀rọ̀, má dá a dúró.

Má sọ pé tìrẹ burú jù ú lọ. Má fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Pè é ní ìparí ọ̀sẹ̀, má dúró kó pè ọ́.

7. Èyí tó bá ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí o kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ, tí iṣẹ́ tí o fẹ́ràn kò wù ọ́ ṣe mọ́, wá dókítà. Bí ó bá ti ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o kúkú kú, má ka ọjọ́ kankan rárá: sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà, kí onítọ̀hún má sì fi ọ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Àró ń bẹ l'Ábẹ́òkúta, Yábàá ń bẹ l'Ékòó, àwọn dókítà ọpọlọ sì wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn.

Bí o bá dé iwájú dókítà, má fi orí gbígbóná nìkan bẹ̀rẹ̀, torí yóò tún kọ oògùn orí fún ọ. Sọ pé bàbá rẹ kú, sọ oṣù tí ó kú, sọ aago tí oorun máa ń dá lójú rẹ, sọ iye ìgò tí o ń mu láìbu kù. Kí o sì mú ẹnì kan dání. Nígbà tí dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àró ní 1954, inú àwọn abúlé àyíká ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbé, pẹ̀lú ìbátan kan tó ń tọ́jú wọn, tí wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Bí o bá fẹ́ kí èmi tẹ̀ lé ọ, sọ fún mi kí ó tó di ọjọ́ ọjà, torí n kì í sí nílé lọ́jọ́ yẹn.