Àpótí Ìmọ̀: Kọ Ìgbésẹ̀ Àkọ́kọ́ Sínú Ìránnilétí

Orúkọ iṣẹ́ lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ sínú ìránnilétí fóònù wọn, bíi “Ìwé ìrìnnà”. Nígbà tó bá dún, wọ́n ṣì ní láti ronú ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá sún un di ọ̀la. Nínú ìwé tí David Allen, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 2001, ó tẹnu mọ́ ọn pé ìgbésẹ̀ tó kàn gan-an ló yẹ ká kọ sílẹ̀.

Ká ní ìwé ìrìnnà rẹ fẹ́ parí. Má kọ “Tún ìwé ìrìnnà ṣe”. Kọ ọ́ báyìí: “Mú ìwé ìrìnnà kúrò nínú dúrọ́ọ̀, fi fóònù ya ojú ewé tí àwòrán rẹ wà.” Ọ̀rọ̀ ìṣe ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó dárúkọ ohun tí ọwọ́ yóò mú àti ibi tó wà. Bí o bá ṣe é tán, kọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Aago tó o yàn ṣe pàtàkì. Bí ìránnilétí yìí bá dún nígbà tó o wà nínú ọkọ̀, kò wúlò, torí ilé ni dúrọ́ọ̀ wà.

Bí o bá ti sún ìránnilétí kan síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ ṣì tóbi jù tàbí aago rẹ̀ kò bá a mu. Tún un kọ kó tó dún lẹ́ẹ̀kẹta.