Kí Olóyún Àkọ́bí Tó Wọ Yàrá Sikáànù

Ẹ̀yin agbẹ̀bí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, obìnrin tó lóyún àkọ́kọ́ kì í sábà béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Á kọ́kọ́ bi yín bóyá sikáànù máa ń dunni. Ẹ dá a lóhùn dáadáa, torí ìbéèrè kékeré yìí ló fi ń wò ó bóyá ẹ ṣeé finú hàn. Ẹ sọ fún un pé kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tútù sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, wọ́n á sì máa fi irinṣẹ́ kan rìn lórí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ́síréè. Ìró ni, irú èyí tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́, òun ló ń padà wá di àwòrán.

Kó mu bí ife omi mẹ́ta ní wákàtí kan ṣáájú, kó má sì tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún ló ń jẹ́ kí ilé ọmọ hàn. Kó má mu ún ní àmujù o, ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n kò lè sùn jẹ́ẹ́. Bí oyún bá ṣì kéré gan-an, wọ́n lè fi irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó láti ojú ara. Fún ìyẹn, ṣe ni yóò tọ̀ kó tó wọlé. Ẹ sọ èyí fún un ṣáájú, kó má bá a lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì, kó sì mọ̀ pé òun lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ.

Ìbéèrè tó wúwo ni ti iye ọ̀sẹ̀. Ìyàwó kan ṣègbéyàwó ní Sátidé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, sikáànù rẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún. Ó kà á, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méje àti ọjọ́ méjì. Ó wá ń fọgbọ́n bi mí bóyá ẹ̀rọ náà máa ń purọ́, torí ó ti gbọ́ nípa ẹni tí oyún rẹ̀ ju ìgbéyàwó rẹ̀ lọ nínú ìwé, tí ilé ọkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo bi í léèrè ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. A jọ kà á lórí kàlẹ́ńdà: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án àti ọjọ́ kan.

Mo ní, “Ìyàwó, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọn yóò kọ, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ la ti ń ka oyún. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹyin tó jáde, nítorí náà, kò sí oyún kankan nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí a kà yẹn.” Mo ní kó pe ọkọ rẹ̀ wá gbọ́ ọ kí wọ́n tó ya àwòrán. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ìwé bá jáde, àlàyé yín á dà bí ìgbà tí ẹ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ìṣirò yìí dára fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá ní bí ọjọ́ 28. Tí ẹlòmíràn bá ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹyin rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde. Ìṣirò lè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kí ẹ̀rọ ní méje. Láti orí dé ìdí ni wọ́n ń wọn ọlẹ̀: ó ń tó bíi mílímítà 10 ní ọ̀sẹ̀ méje, ó sì ń lé ní 20 ní mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n kí ọ̀sẹ̀ 14 tó pé, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ti ẹ̀rọ bí ìyàtọ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹjọ kó tó ṣe sikáànù àkọ́kọ́, àṣìṣe tirẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èyí tí kò lè bi yín ni bóyá ọmọ wà láàyè. Ẹ má ṣe ṣèlérí. Ẹ máa gbàdúrà fún un pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi àdúrà rọ́pò èsì. Ẹ sọ fún un pé oníṣẹ́ yóò dákẹ́ díẹ̀ torí ó ń wọ̀n, kì í ṣe torí pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ tún sọ fún un pé bí ọlẹ̀ kò bá tíì tó mílímítà 7, wọ́n lè má rí i kí ọkàn rẹ̀ máa lù. Wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn ní kó wá fọ ilé ọmọ. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi dúró kí wọ́n tó tún un wò.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, kó mọ ohun tí kò gbọdọ̀ fi dúró rárá: ìrora tó gbóná nísàlẹ̀ ikùn, pàápàá lápá kan, ìrora ní ṣóńṣó èjìká, òòyì tàbí dídákú, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya. Ó lè jẹ́ pé ìta ilé ọmọ ni oyún náà wà. Òru ni o, òjò ni o, kó máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn.