Bí a ṣe ń ṣírò owó tó ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà

Ẹ mú ìwé àti bíìkì yín. Ẹ wá ẹkùrọ́ díẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín, a óò lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìdílé kan ní Djègan-Kpèvi, ní Àjàṣẹ́, fẹ́ gbẹ́ kànga sí àgbàlá wọn. Agbẹ́kànga dé, ó wo ilẹ̀, ó ní: « Mítà kìíní, 2.000 fáránkì ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe ń wọlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń le sí i, torí okùn tí a fi ń fa yẹ̀pẹ̀ sókè ń gùn sí i. Nítorí náà, mítà kọ̀ọ̀kan yóò fi 500 fáránkì ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. »

Baálé ilé gbọ́ 2.000, ó ní kò pọ̀. Ó gbọ́ 500, ó ní ìyẹn náà kò pọ̀. Ṣé kó gbà? Tí omi bá wà ní mítà 12, èló ni yóò san? Tí omi bá wà ní mítà 20 ńkọ́? Ó yẹ kó mọ̀ kí wọ́n tó ti ọkọ́ bọ ilẹ̀.

A lè kọ owó mítà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí a máa rò ó pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà tí a bá sì fo iye kan, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀nà kan wà tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ.

1. Láti 1 dé 10

Ẹ to ẹkùrọ́ yín sílẹ̀ ní ìdì mẹ́wàá. Ìdì kìíní ní 1, ìkejì ní 2, ìkẹta ní 3, títí dé ìkẹwàá tó ní 10. Mélòó ni gbogbo ẹkùrọ́ náà?

Ẹ má tíì kà á. Ẹ mú ìdì tó kéré jù, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdì tó tóbi jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e, báyìí:

1 àti 10 = 11
2 àti 9 = 11
3 àti 8 = 11
4 àti 7 = 11
5 àti 6 = 11

Ṣé ẹ rí i? A ti fi wọ́n ṣe tọkọtaya. Tọkọtaya kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11. Kí ló fà á? Nígbà tí a kúrò lórí 1 lọ sí 2, ọwọ́ kan fi 1 gòkè. Nígbà tí a kúrò lórí 10 lọ sí 9, ọwọ́ kejì fi 1 sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ọ̀kan jèrè ni èkejì pàdánù, nítorí náà àpapọ̀ wọn kò lè yí padà.

Tọkọtaya mélòó la ní? Márùn-ún ni, torí pé nǹkan mẹ́wàá la pín ní méjì-méjì. 11 lọ́nà 5 jẹ́ 55. Ẹ wá ka ẹkùrọ́ yín báyìí, 55 náà lẹ óò bá.

2. Láti 1 dé 100

Ọ̀nà kan náà ni. 1 àti 100 jẹ́ 101. 2 àti 99 jẹ́ 101. 3 àti 98 jẹ́ 101. Ẹ máa bá a lọ títí àwọn méjèèjì yóò fi pàdé láàrin. Tọkọtaya tó gbẹ̀yìn ni 50 àti 51, àwọn náà jẹ́ 101.

Nǹkan 100 la pín ní méjì-méjì, tọkọtaya 50 ló wà níbẹ̀. 100 lọ́nà 50 jẹ́ 5.000. 1 lọ́nà 50 jẹ́ 50. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 5.050. Ó parí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ìwé àlọ́ ìṣirò kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ní Alikúìnì ará Yọ́ọ̀kì ló kó o jọ. Ọ̀gbẹ́ni náà kú ní ọdún 804. Ìwé náà sọ̀rọ̀ àkàbà kan tó ní àtẹ̀gùn 100. Ẹyẹlé 1 bà lé àtẹ̀gùn kìíní, 2 bà lé ìkejì, 3 bà lé ìkẹta, títí dé 100. Ẹyẹlé mélòó ni gbogbo wọn? Nínú ìwé náà, 1 ni wọ́n fún 99 láti fẹ́, 2 fún 98, kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 100 géérégé. Tọkọtaya 49 ni wọ́n rí, ìyẹn 4.900. Ó wá ku 100 àti 50 tí kò ní ẹnì kejì. Ẹ rò wọ́n mọ́ ọn: 5.050 náà ni. Ọ̀nà pípín lè yàtọ̀, ìdáhùn kò yàtọ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ ìtàn Gáúsì, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní ọdún 1777. Olùkọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì ní ìṣirò gígùn, kó lè rí wọn dá dúró fún ìgbà pípẹ́. Kíá ni Gáúsì gbé síléètì rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn. Ìwé tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí jáde ní ọdún 1856, nígbà tí Gáúsì ti kú. Kò dárúkọ iye tí olùkọ́ náà pè. Àwọn tó sọ ọ́ lẹ́yìn náà ló fi « 1 dé 100 » sí i.

3. Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí kànga

Nǹkan mẹ́ta la gbọ́dọ̀ mọ̀: owó àkọ́kọ́, owó ìkẹyìn, àti iye mítà.

Owó àkọ́kọ́ jẹ́ 2.000. Iye mítà jẹ́ 12. Èló wá ni owó mítà kejìlá? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní: « Mítà 12, 500 lọ́nà 12, ìyẹn 6.000. 2.000 àti 6.000 jẹ́ 8.000. » Kò rí bẹ́ẹ̀! Mítà kìíní kò ní àfikún kankan. Mítà kejì ní àfikún 1, mítà kẹta ní 2. Mítà kejìlá yóò ní àfikún 11. 500 lọ́nà 11 jẹ́ 5.500. 2.000 àti 5.500 jẹ́ 7.500. Ìyẹn ni owó ìkẹyìn.

Ẹ ṣe tọkọtaya báyìí. Mítà kìíní àti ìkejìlá: 2.000 àti 7.500 jẹ́ 9.500. Ẹ yẹ ọ̀kan sí i wò: mítà kejì jẹ́ 2.500, ìkọkànlá jẹ́ 7.000, àpapọ̀ wọn 9.500 náà ni. Mítà 12 jẹ́ tọkọtaya 6. 9.500 lọ́nà 6 jẹ́ 57.000 fáránkì.

Ẹni tó bá fi 8.000 ṣe owó ìkẹyìn yóò rí 10.000 lọ́nà 6, ìyẹn 60.000. Ó ti fi 3.000 fáránkì ṣòfò lásán.

Ẹ jẹ́ kí a wo mítà 10 àti mítà 20. Fún mítà 10, owó ìkẹyìn jẹ́ 6.500. Tọkọtaya kan jẹ́ 8.500, márùn-ún ni wọ́n: 42.500. Fún mítà 20, owó ìkẹyìn jẹ́ 11.500. Tọkọtaya kan jẹ́ 13.500, mẹ́wàá ni wọ́n: 135.000.

Ẹ ronú sí i. Kànga jìn ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Baálé ilé tó ń rò pé « bí mítà 10 bá jẹ́ 42.500, mítà 20 á jẹ́ 85.000 » yóò jẹ gbèsè 50.000 nídìí kànga. 500 tó dà bíi pé kò pọ̀ yẹn ló ṣe é. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò bí kànga tiwọn ṣe jìn tó, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò yín.

4. Bí àpọ́n bá wà

Bí kànga bá jẹ́ mítà 13 ńkọ́? 13 kò ṣeé pín ní méjì-méjì. Ẹnì kan yóò dá wà láàrin, òun ni a pè ní àpọ́n.

Owó ìkẹyìn jẹ́ 8.000. Tọkọtaya kan jẹ́ 10.000, mẹ́fà ni wọ́n: 60.000. Àpọ́n ni mítà keje, torí mẹ́fà wà níwájú rẹ̀, mẹ́fà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ 2.000 àti àfikún 6, ìyẹn 5.000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 65.000.

Ẹ wò ó dáadáa: 5.000 jẹ́ ìdajì 10.000. Ìgbàkigbà ni àpọ́n máa ń jẹ́ ìdajì tọkọtaya kan. Bí tiyín kò bá jẹ́ ìdajì, ẹ ti ṣìrò níbì kan. Ẹ padà lọ wò ó.

5. Ibi tí ọ̀nà yìí kò ti ṣiṣẹ́

Ọ̀nà yìí dára kìkì nígbà tí àfikún bá jẹ́ iye kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan to ọsàn jọ ní ọjà Wàǹdó, ní igun mẹ́ta. Ọsàn 1 wà lókè, 3 wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà 6, lẹ́yìn náà 10. Láti 1 sí 3, àfikún jẹ́ 2. Láti 3 sí 6, ó jẹ́ 3. Láti 6 sí 10, ó jẹ́ 4. Àfikún kò dọ́gba.

Bí a bá fi agídí ṣe tọkọtaya, 1 àti 10 jẹ́ 11, ṣùgbọ́n 3 àti 6 jẹ́ 9. Ẹni tó bá ní 11 lọ́nà 2 yóò sọ pé ọsàn 22 ni. Ọsàn 20 péré ló wà níbẹ̀.

Bákan náà ni owó tó ń di ìlọ́po méjì: 100, 200, 400, 800. Ìyẹn kò gba ọ̀nà yìí.

Báwo lẹ óò ṣe mọ̀? Ẹ má ṣe tọkọtaya kan ṣoṣo. Ẹ ṣe méjì tàbí mẹ́ta. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ dúró, ẹ rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni àpapọ̀ láti 1 dé 30?

2. Obìnrin kan fi 100 fáránkì pamọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 150 ní ọ̀sẹ̀ kejì, 200 ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bẹ́ẹ̀ ló ń fi 50 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èló ni yóò ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20?

3. Agbẹ́kànga wa yẹn gbẹ́ mítà 15. Èló ni owó rẹ̀? Èló ni ti àpọ́n?

Ìdáhùn (ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín kí ẹ tó wò ó)

1. 31 lọ́nà 15 = 465.

2. Owó ìkẹyìn jẹ́ 1.050. Tọkọtaya kan jẹ́ 1.150. Lọ́nà 10, ó jẹ́ 11.500 fáránkì.

3. Owó ìkẹyìn jẹ́ 9.000. Tọkọtaya kan jẹ́ 11.000, méje ni wọ́n: 77.000. Àpọ́n ni mítà kẹjọ, 5.500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 82.500 fáránkì.