Ikú Ìràwọ̀ Ńlá àti Òkú tí Ó Ń Fi Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ kan láti Kuntunse, lẹ́bàá Accra

Ìfáárà

Ní Kuntunse, lẹ́bàá ìlú Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, abọ́ irin ńlá kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́ ọ láti máa fi bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ tẹlifóònù. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Gánà àti ti Gúúsù Áfíríkà tún un ṣe, ó sì di ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run. Oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i. Lára ohun tí wọ́n fi dán an wò ni ìgbì tí ń wá láti ara irú òkú ìràwọ̀ kan, èyí tí ẹ̀kọ́ yìí yóò pè ní ìràwọ̀ aṣẹ́jú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Ó ṣàlàyé bí ìràwọ̀ ńlá ṣe ń kú, ohun tí ó ń ṣẹ́kù, àti bí ẹni tó wà ní ayé ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ó tún yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè lò wò, nítorí pé orúkọ tí kò ṣe déédé lè gbin èrò òdì sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn.

Ohun tí ń pa ìràwọ̀

Ipá méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ìràwọ̀. Ìwúwo rẹ̀ ń fà á wọnú, ooru inú rẹ̀ sì ń tì í síta. Ibi tí ooru náà ti ń wá ni ìdàpọ̀ àwọn èròjà: hídírójìn ń dà pọ̀ di hílíọ̀mù. Níwọ̀n ìgbà tí ooru bá ń jáde, ìràwọ̀ yóò dúró.

Bí hídírójìn bá tán láàárín ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 8, àárín rẹ̀ yóò sún kì, yóò sì gbóná sí i. Hílíọ̀mù yóò wá di kábọ̀n àti ọ́síjìn. Báyìí ni yóò máa tẹ̀ síwájú títí dé orí sílíkọ̀n, tí ń di irin. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kúrú ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nínú ìràwọ̀ tó jẹ́ ìlọ́po 20 oòrùn, hídírójìn lè gba mílíọ̀nù ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ péré ni sílíkọ̀n ń gbà.

Irin ni òpin ọ̀nà. Ìdàpọ̀ irin kì í mú ooru jáde, ńṣe ló ń gbà á. Ohun tí ìbá jẹ́ igi ìdáná ti di omi tí ń pa iná.

Ìṣubú àti ìbúgbàù

Irin yóò máa kóra jọ títí yóò fi wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 1.4 oòrùn. Nígbà náà, kò sí ohun tó lè gbé e dúró mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àárín ìràwọ̀ tó tóbi tó ayé yóò ṣubú wọnú ara rẹ̀, títí fífẹ̀ rẹ̀ kò fi ní ju ìwọ̀n kìlómítà mélòó kan tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ìfúnpọ̀ náà yóò fún àwọn ẹyọ inú átọ́ọ̀mù mọ́ra di nútírọ́ọ̀nù. Àwọn ẹyọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní nùtírínò yóò sì tú jáde. Àwọn ni wọ́n ń kó nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìṣubú náà lọ.

Àárín tuntun yìí le gan-an. Ohun tó bá já lù ú yóò ta padà. Díẹ̀ nínú agbára nùtírínò a sì ran ìtapadà náà lọ́wọ́ láti fọ́n ara ìràwọ̀ tó kù sí òfuurufú. Èyí ni súpánófà. Ẹ̀rí wà fún ètò yìí: ní oṣù Kejì ọdún 1987, nígbà tí ìràwọ̀ kan bú gbàù nínú àkójọ ìràwọ̀ tó múlé gbe tiwa, àwọn ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ ní Jàpáànù, Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ìgbà náà gba nùtírínò rẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó yọ.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 24. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́kù náà bá wúwo ju ìlọ́po 2 sí 3 oòrùn lọ, nútírọ́ọ̀nù gan-an kò lè gbé e. Yóò ṣubú di ihò dúdú, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: ìràwọ̀ aṣẹ́jú ti Vela

Ọdún 1968 ni wọ́n ṣàwárí ìràwọ̀ aṣẹ́jú tó wà ní apá ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Vela. Ìgbì rédíò rẹ̀ ń dé ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 0.0893, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báwo ni èyí ṣe fi hàn pé ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù ni?

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí òkòtó tí ọmọdé ń ta. Bí omi bá wà lára rẹ̀, bó bá ti ń yí kíákíá ni omi náà yóò máa ta dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìràwọ̀ tó ń yí ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá yóò fọ́n ká, àfi bí ìwúwo rẹ̀ bá lágbára tó láti dì í mú. Ìṣirò fi hàn pé, ó kéré tán, ìwọ̀n kóró ṣúgà kan nínú rẹ̀, tí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, gbọ́dọ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 17,000. Irú kóró bẹ́ẹ̀ láti ara òkú ìràwọ̀ kékeré, irú èyí tí oòrùn yóò dà, kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 lọ. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù nìkan ló kì tó bẹ́ẹ̀.

Yíyí náà ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Àkókò ìyípo kan ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.0000039 gùn sí i lọ́dún. Láti fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ń pín àkókò ìyípo sí ìlọ́po méjì ìdẹwọ́ ọdún kan:

0.0893 ÷ (2 × 0.0000039) ≈ 11,400

Nǹkan bí ọdún 11,000 ni ìràwọ̀ náà ti kú nìyẹn, bí wọ́n ṣe rí i láti ayé. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí gbà pé ìràwọ̀ náà yára gan-an nígbà tí wọ́n bí i, àti pé ìdẹwọ́ rẹ̀ kò yí padà lọ́nà àìròtẹ́lẹ̀. Vela kì í pa òfin kejì mọ́: láti ọdún 1969 ni wọ́n ti ń rí i tí ó máa ń sáré díẹ̀ sí i lójijì. Ìfojúbù ni ìdáhùn náà, kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Ihò dúdú kò ní ojú tí yóò ṣẹ́. Ohun tí ń tú u fó ni ìràwọ̀ tí ń yí i ká. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Cygnus X-1, ìràwọ̀ ńlá kan ń fi ọjọ́ 5.6 yí ohun kan tí kò hàn sójú ká. Ìṣirò ìyípo náà fi hàn pé ohun náà wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 21 oòrùn, èyí tó pọ̀ ju ohun tí nútírọ́ọ̀nù lè gbé lọ.

Àkíyèsí lórí ọ̀rọ̀

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún súpánófà wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ohun tuntun. Bí olùkọ́ bá pè é ní “ìràwọ̀ tuntun”, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ìbí ni, bẹ́ẹ̀ ikú ni. “Ìbúgbàù ikú ìràwọ̀” sàn jù. “Aṣẹ́jú” dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ fi kún un pé ìràwọ̀ náà kì í paná kí ó tún tàn: ó ń yí ni, ìgbì rẹ̀ sì ń kọjá lójú ayé bí iná tọ́ọ̀ṣì tí ẹnìkan ń fì yíká. “Ihò” náà kì í ṣe àlàfo: ohun tó wúwo jù lọ ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé ìdí tí sílíkọ̀n fi ń mú ooru jáde bí ó ti ń di irin, ṣùgbọ́n tí irin fúnra rẹ̀ kò fi lè gba ìràwọ̀ là.
2. Ìràwọ̀ aṣẹ́jú ti Crab ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá 0.0334, ìdẹwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 0.0000133 lọ́dún. Ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀.
3. Àwọn ará Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún 1054 ni wọ́n rí ìbúgbàù náà. Èwo nínú ohun méjì tí ìṣirò gbà ló ṣeé ṣe kí ó fa ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdáhùn kejì àti ọdún yìí?